Ẹni Tí Wọn Kò Dárúkọ: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Gé Nínú Fídíò Ìwàásù ní Àkókò Ìbò

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbólóhùn kan kò kúrò lọ́kàn mi: "N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o." Pásítọ̀ wa ni ó sọ ọ́ lórí pẹpẹ nígbà tí ìpolongo ìbò ti gbóná, èmi sì ni mo máa ń gé ìwàásù wọn sí fídíò kéékèèké tí a ń gbé sórí ìkànnì ìjọ. Òótọ́ ni pé wọn kò dárúkọ. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ilé ìjọsìn lọ́jọ́ náà tí kò mọ olùdíje tí wọ́n ń bá wí. Ìlànà tí a kọ sílẹ̀ fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ fídíò kò sì ju ìlà kan lọ: kí orúkọ olùdíje tàbí ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan má ṣe jáde lórí ìkànnì. Bí mo bá tẹ̀ lé ìlà yẹn bí a ti kọ ọ́, kò sí ohun tí mo ní láti gé.

Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí oníwàásù gbè lẹ́yìn olóṣèlú. Ìjọ wa ti pinnu pé ìkànnì wa kì í ṣe ibi tí a ti ń polongo fún ẹnikẹ́ni, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn ni bí a ṣe ń mú ìpinnu yẹn ṣẹ nígbà tí abẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹni: ibo ni gígé ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, ibo ni ó yẹ kí ó parí, kí ni ó sì yẹ kí a fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn?

## Ìtàn àwọn igi

Ìwé Onídájọ́ orí 9 ni wọ́n fi wàásù. Jótámù dúró lórí òkè Gérísímù, ó sì pa òwe fún àwọn ará Ṣékémù pé àwọn igi jáde lọ láti fi òróró yan ọba lé ara wọn lórí. Igi ólífì kọ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀, àjàrà náà kọ̀. Igi ẹ̀gún nìkan ni ó gbà, òun ni ó sì sọ pé kí wọ́n wá sá sábẹ́ òjìji òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí iná jáde láti ara òun kí ó jó àwọn igi kédárì Lẹ́bánónì run. Ìtàn tí ó lágbára ni, Pásítọ̀ sì mọ̀ ọ́n sọ. Nínú fídíò ìsìn náà, ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 21:10, ó sì parí ní 26:40. Bí mo ti gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé fídíò tí a máa gbé jáde lọ́sẹ̀ yẹn nìyí.

Ní 23:40, wọ́n pa Bíbélì dé, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n ní: "Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lónìí fún yín." Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n ń tọrọ ìbò, wọ́n fi ohùn ẹnì kan ṣe àwàdà, nígbà tí ó sì di 24:05 wọ́n ní: "Ẹ̀yin náà ẹ mọ igi ẹ̀gún tí ó ń pè yín sábẹ́ òjìji rẹ̀ lọ́dún yìí." Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe àmì kan tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi ń kí àwọn ènìyàn rẹ̀ níbi ìpolongo. Láti 24:09 títí di 24:21, ariwo sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́, bí ènìyàn bá sì fetí sílẹ̀ dáadáa, yóò gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo orúkọ olùdíje náà láti apá òsì. Ẹ̀yìn ariwo yìí, ní 24:22, ni Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè tí wọ́n ní àwọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ààbọ̀ ni wọ́n sọ lórí pẹpẹ, ìjọ ni ó sọ ọ́ di odindi. Ìlànà wa sì jẹ́ èyí tí ń ṣọ́ ẹnu oníwàásù nìkan, kò wo inú ìjọ, kò wo ọwọ́, kò sì wo ohun tí gbogbo rẹ̀ dà nígbà tí wọ́n bá pàdé.

## "Ìjọ ni ó dárúkọ fún yín"

Kí n tó gé ohunkóhun, mo lọ bá Pásítọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀, àgàgà bí ẹni náà bá jẹ́ bàbá fún un. Mo gbé fídíò náà síwájú wọn. Wọ́n wò ó tán, wọ́n sì bi mí pé, "Ṣé mo dárúkọ ẹnì kan ni?"

Mo ní, "Ẹ kò dárúkọ, Bàbá. Ìjọ ni ó dárúkọ fún yín."

Wọ́n ní kí n tún un gbé padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí wọn létí, wọ́n sì gbọ́ orúkọ náà láti inú ariwo. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Kí ni òun yóò gbọ́?" Ìbéèrè yẹn ni ó yí ọ̀nà tí mo gbà ń ṣiṣẹ́ yìí padà, torí pé ìbéèrè tí èmi ń bi ara mi tẹ́lẹ̀ ni ohun tí oníwàásù sọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì kò kéré. Ẹni tí ó wà nínú ilé ìjọsìn gbọ́ ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta, ó mọ ìwà oníwàásù, ó sì lè dúró dè é lẹ́yìn ìsìn láti béèrè ohun tí ó rú u lójú. Ẹni tí fídíò kékeré bá bá lórí fóònù kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́wọ́, kò sì mọ̀ ju ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ lọ.

Àwọn aṣòfin pàápàá ti bá ìyàtọ̀ yìí fà á. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti wà láti ọdún 1954 tí kò gba ẹgbẹ́ aláàánú tí ìjọba yọ̀ǹda owó orí fún láyè láti gbè lẹ́yìn olùdíje tàbí láti dojú kọ ọ́, ìjọ sì wà lára wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ agbowó-orí wọn kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n mú wá sílé ẹjọ́ pé bí ilé ìjọsìn bá bá àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìbò nínú ìsìn, láti ọ̀nà tí ó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn kò ka ìyẹn sí ohun tí òfin náà kà léèwọ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n gbára lé: àwọn ọmọ ìjọ, nínú ìsìn. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ti jáde kúrò láàrin ìdílé. Èmi kò ní fi ìkànnì ìjọ dán an wò bóyá ọ̀rọ̀ yẹn yóò bò ó.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà mẹ́ta ni mo fi ń yẹ fídíò wò kí n tó pinnu. Mo máa ń wò ó láìgbọ́ ohùn, kí n lè rí ọwọ́, aṣọ, fìlà àti ohun tí ó wà lára ògiri lẹ́yìn oníwàásù. Mo máa ń gbọ́ ọ láìwo àwòrán, kí n lè gbọ́ ìjọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí a ti kọ sílẹ̀, láìgbọ́ ohùn, láìwo àwòrán, torí pé ọ̀rọ̀ tí ohùn dídùn bá gbé kọjá létí máa ń fara hàn kedere lórí ìwé. Nínú ìwàásù ti igi ẹ̀gún yìí, wíwo láìgbọ́ ohùn ni ó fi àmì ọwọ́ hàn mí, gbígbọ́ láìwo àwòrán ni ó fi orúkọ hàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ nìkan ni mo wò, gbogbo rẹ̀ ì bá kọjá bí àwàdà lásán.

## Ibi tí abẹ́ ti wọlé

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn ni pé kí a yọ gbólóhùn kan ṣoṣo náà, láti 24:05 sí 24:09. Mo dán an wò, mo sì rí i pé ìyẹn ni ó burú jù. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń tọrọ ìbò ṣì wà níbẹ̀, ariwo sì bẹ́ sílẹ̀ láìsí ohun tí ó fà á. Ẹni tí ó bá ń wò ó yóò mọ̀ pé a fi nǹkan pamọ́, yóò sì wá gbogbo fídíò ìsìn náà kàn láti mọ ohun tí ó jẹ́. Gígé tí ó kéré jù a máa tọ́ka sí ohun tí ó fẹ́ mú kúrò.

Mo wá fà á gùn títí dé ìparí ariwo, ní 24:21. Nígbà náà ni "N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o" kù sílẹ̀ ní òun nìkan, kò sì sí ohun tí ó máa ń mú kí ènìyàn ronú nípa orúkọ ju pé kí a sọ pé a kò dárúkọ. Ọ̀rọ̀ tí oníwàásù bá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn àwàdà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwàdà náà lọ, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ rere tó.

Ibi tí mo gbà níkẹyìn ni ibi tí oníwàásù fúnra wọn ti yà kúrò lójú ọ̀nà, 23:40, nígbà tí wọ́n pa Bíbélì dé. Wọ́n ṣí i padà ní 24:34, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ènìyàn ṣì ń rìn lábẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kà. Gbólóhùn kejì ni ohùn wọn ti dá dúró, ní 24:41, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ apá kejì. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mo yọ, fídíò náà sì kù sí 4:29. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé oníwàásù fúnra rẹ̀ máa ń fi ibi tí a ó gé hàn wá, bí a bá wo ìgbà tí ó kúrò nínú ìwé àti ìgbà tí ó padà sínú rẹ̀.

Ìyókù kan wà tí n kò retí. Ní 25:50, wọ́n sọ pé, "Igi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, iná ni yóò ti ara rẹ̀ jáde," wọ́n sì tún fi ọwọ́ ṣe àmì kan náà. Ọ̀rọ̀ náà mọ́: nínú fídíò tí a ti gé, igi tí wọ́n ti sọ ni igi ẹ̀gún inú Bíbélì, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún ni iná náà sì ti wá. Ọwọ́ ni kò mọ́. Mo fi ohùn sílẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ Bíbélì náà bo àwòrán fún ìwọ̀nba àkókò tí ọwọ́ fi wà lókè. Ẹnì kan lè béèrè bóyá ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. N kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí olùwòran ń kà ni ohun tí oníwàásù ń sọ gan-an.

## Nígbà tí gígé fúnra rẹ̀ bá ń polongo

Ewu kan wà tí ó ń bà mí lẹ́rù ju orúkọ tí ó yọ́ jáde lọ. Bí oníwàásù bá bẹnu àtẹ́ lu olùdíje méjì, tí mo sì gé ti ọ̀kan nítorí pé ó le jù, tí mo fi ti èkejì sílẹ̀ nítorí pé ó rọ̀, èmi tí mo ń gé ni mo ti polongo báyìí, mo sì ti fi ẹnu oníwàásù ṣe é. Bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Mo máa ń gbé ẹgbẹ́ kejì sípò ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn kan náà, kí n sì bi ara mi bóyá ibì kan náà ni mo máa gé. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, ojú ara mi ni mo fi ń wò ó, mo sì máa ń fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ wa.

Fún ìdí kan náà, ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí n kì í gé. Ìwàásù lòdì sí títa ìbò, àdúrà fún àwọn aláṣẹ, ìyànjú pé kí àwọn ènìyàn lọ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì dìbò, ìbáwí fún ẹni tí ó ń jẹ owó aláìní: ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni gbogbo èyí, ẹni tí ó bá yọ wọ́n kúrò ti sọ ìwàásù di òfìfo. Wọ́n a máa yí padà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ni ó ya olùdíje kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, tí oníwàásù sì so ó mọ́ ọjọ́ ìbò. Ìtọ́nà tí àjọ agbowó-orí Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2007 wo nǹkan bẹ́ẹ̀ pa pọ̀: bóyá ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí olùdíje, bóyá ó yìn ín tàbí ó bá a wí, bí ó ti sún mọ́ ìbò tó, bóyá ó dárúkọ ìdìbò. Mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu fún ẹnikẹ́ni níbikíbi, torí pé ìpàdé àwọn nǹkan yìí ni ó ń sọ ìwàásù di ìpolongo.

Bí ìkádìí ọ̀rọ̀ bá sì dúró lé ibi tí a fẹ́ gé, mo máa ń fi gbogbo fídíò náà sílẹ̀. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ tí ó kù lórí ìwé: bí "nítorí náà" kan bá wà tí ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ ti lọ, yóò lẹ̀ mọ́ gbólóhùn mìíràn, oníwàásù yóò sì dàbí ẹni tí ó sọ ohun tí kò sọ rí. Ìtàn igi ẹ̀gún dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láìsí àwàdà náà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e jáde.

## Ohun tí fáìlì ń fi pamọ́

Ènìyàn lè gé ibi tí ó yẹ, kí ohun tí ó gé ṣì wà nínú fáìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà kan, gé fídíò, àṣẹ yìí ni a sì ń lò nítorí pé ó yá:

```
ffmpeg -ss 00:24:41 -to 00:26:40 -i iwaasu.mp4 -c copy apa2.mp4
```

`-c copy` kò tún àwòrán ṣe, ó kàn ń dà á kọ ni, àwòrán odindi kan, èyí tí kò gbára lé àwòrán tí ó ṣáájú rẹ̀, ni ó sì gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí odindi ní 24:41 gan-an, yóò padà sí èyí tí ó ṣáájú. Bí a bá fi x264, ètò tí ó ń fún fídíò pọ̀, sílẹ̀ bí ó ti wà, odindi kan lè jìnnà sí èkejì tó àwòrán 250, èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá bí fídíò bá ń sá ní àwòrán 25 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sẹ́yìn 24:41 ni 24:31, nígbà tí gbogbo ìjọ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ kan lè má fi àjẹkù náà hàn, kí òmíràn fi í hàn, nítorí náà kò tó pé ó mọ́ lójú ẹni tí ó gé e. Ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe pátápátá:

```
ffmpeg -ss 00:24:41 -to 00:26:40 -i iwaasu.mp4 -c:v libx264 -crf 18 -c:a aac apa2.mp4
```

Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò náà gbọ́dọ̀ wá láti inú fídíò tí a ti gé, kì í ṣe láti inú ti odindi ìsìn, nítorí pé olùwòran lè ṣí i kí ó ka ohun tí a yọ. Fídíò odindi ìsìn tí a gbé jáde tààrà náà wà lórí ìkànnì kan náà. Yútúùbù gbà wá láyè láti gé àárín rẹ̀ láìyí líǹkì rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni àwọn ènìyàn yóò máa rí títí gígé náà yóò fi parí, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀. Mo máa ń fi fídíò náà pamọ́ kúrò lójú gbogbo ènìyàn títí tí yóò fi parí.

## Àdúrà ìparí, àti ohun tí gígé kò lè ṣe

Ní ìparí ìsìn, Pásítọ̀ gbàdúrà pé, "Olúwa, igi ẹ̀gún kò ní jọba lórí wa." Àdúrà tí ó bá Bíbélì mu ni. Lóṣù mẹ́fà sí ìbò, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìbò, lẹ́yìn tí àwàdà náà ti rìn lórí fóònù àwọn ọmọ ìjọ, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò fi orúkọ sí i. N kò gé e. Mo fi fídíò àdúrà náà pamọ́ títí di ẹ̀yìn ìbò, mo sì kọ ọjọ́ tí yóò jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tí wọ́n rò pé iṣẹ́ tiwa lè gba ìjọ sílẹ̀. Òfin Ìdìbò tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2022, nínú abala 92 rẹ̀, kò gbà nígbà náà kí a lo ilé ìjọsìn láti gbé ẹgbẹ́ tàbí olùdíje ga tàbí láti kọlù wọ́n. Ilé náà ni òfin yẹn wò, kì í ṣe ìkànnì nìkan. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ ti wà ní sísọ, abẹ́ mi kò sì lè dá a padà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Mo tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ pẹ̀lú ìwé kan tí mo kọ ìṣẹ́jú tí mo gé sí, ìdí tí mo fi gé e, àti ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Nínú àlàyé ìsàlẹ̀ fídíò, mo kọ ọ́ pé a ti dín in kù. Pásítọ̀ ní kí n máa bá àwọn jókòó ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kí wọ́n tó wàásù, títí ìbò yóò fi kọjá, kí a jọ wo ibi tí wọ́n fẹ́ ti pa Bíbélì dé.